Gbígba Owó Lẹ́ẹ̀mejì Lóṣù Kì í Ṣe Owó Oṣù Méjì

Àbúrò mi tó wà ní Ìbàdàn gbà pé ẹni tó ń gba owó lẹ́ẹ̀mejì lóṣù ń gba ìlọ́po méjì owó ẹlòmíràn. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin tí alẹ́ẹ̀tì ń wọlé fún ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí lẹ tún ń ṣírò?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ inú eegun. Láti ìgbà tí mo ti dé Húsítìnì ní Amẹ́ríkà, ìṣirò wákàtí ni iṣẹ́ kejì tí mò ń ṣe, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀ fún mi.

Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà nílé, owó oṣù ni owó oṣù. Oṣù ìbáà ní ọjọ́ 28 tàbí 31, iye kan náà la ń gbà. A lè dúró di ìrọ̀lẹ́ ká máa máàkì ìwé ìdánwò, kò sẹ́ni tó ń kọ wákàtí yẹn sílẹ̀. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni kí owó pẹ́, tó bá sì pẹ́, gbogbo wa ló pẹ́ fún, gbogbo wa la jọ ń sọ ọ́. Ẹni tó jẹ wá lówó mọ̀ pé òun jẹ wá. Níbí, owó á wọlé lásìkò, síbẹ̀ wọ́n lè jẹ ọ́ lówó kí ìwọ fúnra rẹ má mọ̀.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́, láti aago méje alẹ́ sí aago méje àárọ̀. Wákàtí ni wọ́n fi ń sanwó fún wa. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń darí ọ̀rọ̀ yìí ti wà láti 1938. Ohun tó wí ni pé, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ bíi tiwa bá ti kọjá wákàtí 40 lọ́sẹ̀, a gbọ́dọ̀ gba owó wákàtí kọ̀ọ̀kan tó lé pẹ̀lú ìdajì rẹ̀ lórí. Òun là ń pè ní ófàtáìmù. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni owó ń jáde, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni òfin ń dá kà. Ẹni tó ṣe wákàtí 50 ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti 30 ní èkejì ní ófàtáìmù wákàtí 10. Agbanisíṣẹ́ kò lè sọ pé 80 ni àpapọ̀ rẹ̀, pé 40 lọ́nà méjì ló jẹ́. Ilé ìwòsàn àti ilé ìtọ́jú kan máa ń bá òṣìṣẹ́ ṣe àdéhùn ṣáájú pé ọjọ́ 14 ni àwọn yóò máa fi kà. Níbẹ̀, ohun tó bá lé ní wákàtí 8 lóòjọ́ tàbí 80 láàárín ọjọ́ 14 ni ófàtáìmù. Tiwa kò sí lára wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ibi tí ọ̀sẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ lójú òfin jẹ́ wákàtí 168 tó tẹ̀lé ara wọn, agbanisíṣẹ́ ló sì ń yan ọjọ́ àti wákàtí tí yóò ti máa bẹ̀rẹ̀. Kò lè máa sún un síwá-sẹ́yìn láti fi sá fún ófàtáìmù. Aago méjìlá òru ọjọ́ Àbámẹ́ta ni tiwa ń parí, bẹ́ẹ̀ òru yẹn gan-an la máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká yọ ti àkókò oúnjẹ sílẹ̀, kó lè rọrùn. Ká ní ẹnì kan ṣiṣẹ́ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta àti Àìkú. Alẹ́ mẹ́rin léraléra ni, wákàtí 48. Ọjọ́bọ̀ 12, Ẹtì 12, Àbámẹ́ta 5 péré kí aago méjìlá tó lù: ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ di 29. Wákàtí 7 tó kù lára iṣẹ́ Àbámẹ́ta bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tuntun, ti Àìkú sì jẹ́ 12, ìyẹn 19. Kò sí ófàtáìmù kankan. Ẹlòmíràn tó ṣe alẹ́ mẹ́rin tirẹ̀ láti Ajé sí Ọjọ́bọ̀ gba ófàtáìmù wákàtí 8. Àárẹ̀ kan náà, owó ọ̀tọ̀. Òótọ́ ni pé wákàtí 7 yẹn kò sọnù, ó lè ti ọ̀sẹ̀ tuntun kọjá 40 tí iṣẹ́ bá pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pín iṣẹ́ fún wa mọ ìṣirò yìí dáadáa, kò sì ṣẹ̀ sí òfin. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tọrọ àwọn alẹ́ tí kò ní la òru Àbámẹ́ta kọjá.

Ìpààlà kejì tún wà, tí kì í ṣe ti òfin rárá: ọjọ́ tí ọ́fíìsì ń ti ìwé wákàtí. Tiwa ni aago mẹ́wàá àárọ̀ Ajé. Ní alẹ́ Ọjọ́rú kan, ẹ̀rọ tí a ń tẹ̀ka sí kò gba ìka mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fún ọ̀gá, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ sí i kí wọ́n tó ti ìwé. Wákàtí 36 ni wọ́n rí fún mi lọ́sẹ̀ náà, nígbà tó jẹ́ 48 ni mo ṣe. Nígbà tí wọ́n máa dá 12 náà padà, wọ́n kọ ọ́ sínú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, èyí tí mo ti ṣe wákàtí 24 péré. Ó di 36, wọ́n sì san 12 náà ní dọ́là 20 kọ̀ọ̀kan: 240. Ojú ẹni tí kò kà á, owó ti pé. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí a ṣe iṣẹ́ ni wákàtí gbọ́dọ̀ padà sí, ìgbàkígbà tí owó bá jáde. Lára 12 náà, 4 ló yẹ ní dọ́là 20, 8 sì yẹ ní dọ́là 30. Ìyẹn 320. Ọgọ́rin dọ́là ti wọlẹ̀. Ohun tó fi hàn mí ni pé ìlà ófàtáìmù ṣófo lórí ìwé ìsanwó méjèèjì, bẹ́ẹ̀ mo ní ọ̀sẹ̀ alẹ́ mẹ́rin nínú ìwé àjákọ mi. Mo gbé e lọ bá wọn, wọ́n san án.

Àwọn kan ní kí n lọ sí iléeṣẹ́ tó ń fi òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ káàkiri, nítorí pé wọ́n ń sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó wù mí. Tí àṣìṣe bá wà, ọjọ́ méje lo fi máa rí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní oṣù ni owó ilé ń pé, owó ọ̀sẹ̀ kan kò sì lè dá a san. Láàárín ìgbà náà, àwọn ará ilé ní Ìbàdàn á ti pè fún owó. Tí mo bá sì pín alẹ́ mi sáàárín iléeṣẹ́ méjì tí kò bá ara wọn tan, 24 níbí àti 24 lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó máa ro ó pọ̀ fún ófàtáìmù. Nítorí náà, mo dúró sórí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ́dún ni, ìyẹn 26. Oṣù méjì nínú ọdún máa ń ní ìsanwó mẹ́ta: ní 2026, ẹni tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, January 2, rí i ní oṣù Kìíní àti oṣù Keje. Ìsanwó kẹta inú oṣù méjì yẹn ni mo yà sọ́tọ̀ fún àwọn ará ilé, mo sì ti sọ fún àbúrò mi.

Ó bi mí pé kí ló wá dé tí n kò padà sídìí ìwé máàkì. Wákàtí tí mo fi máàkì ní Ìbàdàn, kò síbi tí mo fẹ́ lọ bèèrè rẹ̀. Níbí, òfin fún mi ní ọdún méjì láti bèèrè owó tí wọ́n kò san, ọdún mẹ́ta tó bá jẹ́ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ìwé àjákọ tí mo ń kọ lálaalẹ́ sì jẹ́ ẹ̀rí tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ mi.