Ọdún méjì tí oníṣẹ́ sólà ń sọ

Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ olówó ńlá sí ẹnu òwò yín, ìbéèrè méjì ló wà nílẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni ẹni tó ń tà á sì máa ń dáhùn. Èkíní: ìgbà wo ni owó tí mo ná yóò padà wọlé? Èkejì: bí mo bá sọ owó tí yóò máa wọlé lọ́dọọdún di iye tó jẹ́ lónìí, tí mo yọ owó tí mo fi ra ẹ̀rọ kúrò, èló ló kù? Ìdáhùn méjèèjì lè takora. Mo rí i nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó ṣírò owó sólà.

Ẹja yìnyín ni wọ́n ń tà n'Ìbàdàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé àwọn fírísà wọn ń jẹ nǹkan bí ₦300,000 lóṣù, tí a bá da epo, ọ́ìlì àti owó mẹkáníìkì pọ̀. Mílíọ̀nù 3.6 nìyẹn lọ́dún. Ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ sólà méjì ni wọ́n ti béèrè iye. Ọ̀kan fẹ́ fi bátìrì olómi ṣe é ní mílíọ̀nù 4.2. Èkejì fẹ́ lo lítíọ́mù, ó sì pe tirẹ̀ ní mílíọ̀nù 5.4. "Mọ́mì, kò ní ju ọdún méjì lọ tí owó yín á fi padà," ohun tí ẹni èkejì yìí ń sọ ṣáá nìyẹn. Kò purọ́.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí ni wíwá iye tí a óò fi pamọ́ lọ́dún kan. Sólà kì í lé jẹnẹrétọ̀ lọ pátápátá. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, òjò àti kùrukùru kì í jẹ́ kí oòrùn tàn tó, fírísà kò sì mọ̀ pé òjò ń rọ̀. Bátìrì olómi tún ní tirẹ̀: bí ẹ bá ń lò ó kọjá ìdajì agbára rẹ̀ lálaalẹ́, kò ní pẹ́ kú, nítorí náà ẹ óò máa tan jẹnẹrétọ̀ láti dá a sí. Lítíọ́mù gba ìlò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn gbogbo èyí, a kọ mílíọ̀nù 2.4 lọ́dún fún olómi, a kọ 2.7 fún lítíọ́mù. Owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ọmọ iṣẹ́ kò wọnú ìṣirò náà, torí a ra sólà o, a kò rà á o, wọn kò yí padà. Owó tí wọ́n fi ra jẹnẹrétọ̀ náà kò wọ̀ ọ́, ìyẹn ti ná tán. Ohun tó wọ̀ ọ́ ni mílíọ̀nù 1.8 tí wọn yóò fi pààrọ̀ bátìrì olómi ní ìparí ọdún kẹta. Ọdún mẹ́fà la fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Páńẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ lè ṣe ju ogún ọdún lọ, ṣùgbọ́n èmi kò lè gbé owó ẹlòmíì lé ínfátà àti bátìrì pẹ̀lú irú ìgboyà bẹ́ẹ̀.

Ní ti àkókò tí owó yóò fi padà, 4.2 tí a fi 2.4 pín jẹ́ ọdún kan àti oṣù mẹ́sàn-án. 5.4 tí a fi 2.7 pín jẹ́ ọdún méjì géérégé. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ la dúró sí, olómi la ò bá rà. Àmọ́ ọjọ́ tí owó bá ti padà ni ìṣirò yìí dákẹ́. Kò rí mílíọ̀nù 1.8 tó ń bọ̀ lọ́dún kẹta, kò sì béèrè ohun tí owó náà ì bá ti ṣe ká ní kò sí nínú sólà.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè ìyẹn. Wọ́n ní, "Bí mo bá fi í kún ọjà, ọgbọ̀n náírà lórí ọgọ́rùn-ún kò nira láàárín ọdún kan." Ó bá ohun tó ń lọ nílùú nígbà náà mu, nítorí pé láti oṣù kọkànlá 2024 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti gbé èlé ìpìlẹ̀ rẹ̀ dé 27.5%. A mú 30%. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé owó tí yóò dé lẹ́yìn ọdún kan, ẹ fi 1.3 pín in kí ẹ tó kà á. Ti ọdún kejì, ẹ fi 1.3 pín in lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mílíọ̀nù 2.7 ti ọdún àkọ́kọ́ wá di nǹkan bí 2.08 lónìí. Ti ọdún kẹfà kò ju ₦560,000 lọ. Àpapọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 7.14. Ẹ yọ 5.4, ó ku nǹkan bí ₦1,735,000. A ṣe ti olómi bákan náà, a yọ owó bátìrì tuntun nínú ti ọdún kẹta, ó ku nǹkan bí ₦1,323,000. Lítíọ́mù tó pẹ́ kí owó rẹ̀ tó padà ló fi ₦400,000 ó lé díẹ̀ borí.

Lórí kọ̀ǹpútà, tí owó ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá wà láti B2 dé B7:

```
=NPV(30%,B2:B7)-5400000
```

Ẹ má fi owó ìrajà sínú àkámọ́ yẹn. Owó tó bá kọ́kọ́ wà níbẹ̀, ohun tí Excel gbà ni pé ìparí ọdún kìn-ín-ní ni ẹ ó ná an, yóò wá fi 1.3 pín òun náà. Tiwa ì bá jáde sí nǹkan bí ₦1,335,000. Nọ́ńbà yẹn kò burú lójú, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi fura sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni owó ta ni a fẹ́ fi rà á. Báńkì kékeré kan ti ṣe tán láti yá wọn ní èlé 4% lóṣù. Bí a kò bá tiẹ̀ ka èlé lórí èlé, 48% nìyẹn lọ́dún. Mo fi 48% rọ́pò 30%: lítíọ́mù jẹ gbèsè ₦310,000, olómi jẹ ₦231,000. Sólà kan náà, oòrùn kan náà, "ọdún méjì" oníṣẹ́ náà kò sì yẹ̀. Bí owó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́n tó ìdajì ara rẹ̀ lọ́dún, kò sí ohun tí àkókò ìpadà owó lè sọ fún yín nípa rẹ̀. A gbàgbé báńkì náà. Owó tí wọ́n ti ń dá sí ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù àti díẹ̀ nínú owó ọjà ni wọ́n fi rà á.

Síbẹ̀ n kò ju àkókò ìpadà owó nù. Mo tún un ṣe pẹ̀lú àwọn iye tí a ti fi 1.3 pín, ó sì di ọdún mẹ́ta ààbọ̀ fún lítíọ́mù. Èyí ni mo gbé síwájú ẹ̀gbọ́n mi, mo bi wọ́n bóyá onílé yóò gbà wọ́n láàyè títí di ìgbà yẹn, àti bóyá ìwé àtìlẹ́yìn bátìrì kò ní parí ṣáájú. Ọdún márùn-ún ló wà lórí ìwé náà. Ti onílé, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní páńẹ́ẹ̀lì ṣeé tú.

Mo tún wá iye tó kéré jù tí a gbọ́dọ̀ máa fi pamọ́ kí ọ̀rọ̀ náà má bàa di àdánù. Ẹ pín 5.4 pẹ̀lú 2.643, tó jẹ́ àpapọ̀ iye tí náírà kan lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́fà jẹ́ lónìí ní 30%. Ó jẹ́ mílíọ̀nù 2.04 lọ́dún, ₦170,000 lóṣù. Bí epo bá wálẹ̀ gan-an, tàbí tí iná ìjọba bá ń wá dáadáa, a lè jábọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí epo bá tún wọ́n, bó ṣe fò láti 185 sí 488 náírà l'Ékòó ní 2023, èrè ló ń pọ̀ sí i. Ọmọ iṣẹ́ wọn ló ń kọ owó epo sínú ìwé báyìí lójoojúmọ́. Ní oṣù kẹjọ, kò tó ₦170,000 tí wọ́n fi pamọ́. Àwọn oṣù ẹ̀ẹ̀rùn ló ń dí i.