Òní Wà Nínú Ọrún

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 oṣù Karùn-ún, 2025

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ìsẹ́yìn láàárọ̀ yìí. Mọ́níyà ló ti wọkọ̀, ilẹ̀ kò sì tíì mọ́ tán tó fi kúrò nílé. Owó òwú wà nínú àpò rẹ̀, ó fi bébà kékeré kan wé e, ó sì kọ iye gèlè tó fẹ́ kí wọ́n hun fún un sára bébà náà: méjìlá. Ìró òfì ló kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe wọ agboolé Bàbá ahunṣọ. Kò gbọ́ ohùn àwọn obìnrin. Àwọn àga oníke wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ti tò wọ́n léra.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ṣé àwọn yòókù ò tíì dé ni?"

Bàbá dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró. "Àwọn yòókù wo? Àná la jókòó, ọmọ mi. A retí ẹ títí oòrùn fi kàn wá látàrí. A pè ẹ́, fóònù ẹ ò lọ."

Obìnrin náà fa fóònù yọ, ó ṣí iṣẹ́ tí ọmọọmọ Bàbá bá a tẹ̀ ránṣẹ́ lálẹ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá oṣù. Bó ṣe wà níbẹ̀ nìyí:

```
Ipade wa di orun. Aago mewa aaro. E mu owo owu dani.
```

Ọmọ náà kò fi àmì kankan sí i, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ náà nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ tó kà á, "orun" yẹn kọ́kọ́ dà á láàmú. Kì í ṣe ọ̀run, kì í ṣe oòrùn, kì í sì í ṣe oorun tí à ń sùn. Ó ké sí ìyá tí wọ́n jọ ń gbé, ìyá náà ní, "Ọrún ni, ọjọ́ márùn-ún." Ìdáhùn yẹn tọ̀nà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni lẹ́yìn ìdáhùn náà, nígbà tí obìnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Ó fi Ìṣẹ́gun ṣe ọ̀kan, Ọjọ́rú ṣe méjì, Ọjọ́bọ̀ ṣe mẹ́ta, Ẹtì ṣe mẹ́rin, Àbámẹ́ta ṣe márùn-ún. Ó fi bírò yí 17 po lára kàlẹ́ńdà, ó sùn.

Bàbá kò kà á bẹ́ẹ̀. Ajé tó sọ̀rọ̀ gan-an ni ọ̀kan. Ìṣẹ́gun ni méjì, Ọjọ́rú mẹ́ta, Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin, Ẹtì márùn-ún. Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún, ni ọrún rẹ̀. Kò sí ẹni tó purọ́ fún ẹnì kejì, kò sì sí ẹni tí kò mọ márùn-ún kà. Ibi tí kálukú ti bẹ̀rẹ̀ ni kò bára mu, ìdí sì nìyẹn tó fi jẹ́ ọjọ́ kan géérégé ni obìnrin náà fi pẹ́.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, torí mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé àwọn àgbà kò mọ ọjọ́ kà. Wọ́n mọ̀ ọ́n kà. Ìṣirò tiwọn ń ka ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì tún ń ka ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ parí sí. Ẹ wo ìkómọ. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ajé, tí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, Ajé tó tẹ̀ lé e ni ẹbí máa ń pé jọ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìkà láti Ìṣẹ́gun yóò bá ara rẹ̀ ní Ìṣẹ́gun, àwọn èèyàn á sì ti jẹun tán lánàá. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà "ìjẹta". Ẹ̀ta wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ọjọ́ tó ṣáájú àná ni à ń pè bẹ́ẹ̀, torí òní ni ọ̀kan, àná ni èjì, ìjẹta ni ẹ̀ta. Àwọn onígbàgbọ́ náà ń sọ pé ní ọjọ́ kẹta ni Jésù jíǹde: Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú. Kò sí ẹni tó ń bá wọn jà pé oru méjì péré ló wà láàárín.

Inú ọjà ni ìkà yìí ti hàn jù lọ. Ọ̀sẹ̀ àtijọ́ ilẹ̀ wa jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n ọjà tí wọ́n ń ná lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ mẹ́rin yẹn ni à ń pè ní ọjà ọrọọrún, torí a ka ọjọ́ ọjà tó kọjá mọ́ èyí tó ń bọ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé, mẹ́jọ ni, àmọ́ ìsán, ìyẹn mẹ́sàn-án, ni wọ́n ń pè é. Bí mẹ́rin bá pé, mẹ́rìndínlógún ni, ìtàdógún ni wọ́n sì ń pè é, ìyẹn mẹ́tàdínlógún. Àwọn ahunṣọ mọ ìtàdógún dáadáa, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ná ọjà aṣọ òkè ní Òjé ní Ìbàdàn. Ẹni tó ti fi irú ọjà bẹ́ẹ̀ jẹun láti kékeré kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ọrún fún ẹnikẹ́ni. Lójú rẹ̀, bí ìgbà tó sọ pé ọ̀la ni.

Mo rò pé ọ̀nà tó rọrùn jù láti yẹ̀ ẹ́ wò ni kí èèyàn ka oru dípò ọjọ́. Láti alẹ́ Ajé títí di àárọ̀ Ẹtì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni èèyàn máa sùn. Ọrún jẹ́ oru mẹ́rin, ìsán jẹ́ oru mẹ́jọ, ìtàdógún jẹ́ oru mẹ́rìndínlógún. Ọjọ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ni ìkà sì ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí a kà á. Bí obìnrin yìí bá ti pa dátà títí di Ìṣẹ́gun kó tó rí iṣẹ́ náà, Ẹtì náà ni ọrún ì bá ṣì jẹ́. Lórí Wáásáàpù, ọjọ́ tí wọ́n fi í ránṣẹ́ máa ń hàn lókè rẹ̀. Èyí tó léwu ni iṣẹ́ tí ẹlòmíì tún darí síni, torí ọjọ́ tí ó darí rẹ̀ ló máa hàn, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ kò ní tẹ̀ lé e wá.

Ìlànà yìí náà ní ibi tó mọ. Bí ẹnì kan bá sọ pé "lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún", tàbí "ọjọ́ márùn-ún sí òní", mi ò ní fọwọ́ sọ̀yà. Àwọn kan ń ka òní mọ́ ọn, àwọn tó ti fi ìṣirò ilé ìwé mọ́ra kì í kà á, nínú agboolé kan náà. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ká béèrè orúkọ ọjọ́ ló dára. "Bàbá, ṣé Ẹtì lẹ ń wí?" Kò sí àrífín níbẹ̀.

Ní Ìsẹ́yìn láàárọ̀ yìí, ohun tó dun obìnrin náà ju owó ọkọ̀ lọ ni òwú. Ìdí tí Bàbá fi pè wọ́n jọ ni pé àwọn obìnrin mẹ́fà fẹ́ gèlè aláwọ̀ kan náà fún ìgbéyàwó kan, ó sì fẹ́ kí gbogbo owó pé lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n lè ra gbogbo òwú náà pọ̀. Òwú tí wọ́n rẹ pọ̀ nínú omi aró kan náà ni àwọ̀ rẹ̀ máa ń bára dọ́gba. Bí wọ́n bá rẹ òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, orúkọ àwọ̀ náà lè má yí padà, àmọ́ aró lè lé díẹ̀ tàbí kó dín díẹ̀, omi lè gbóná jù tàbí kó tutù jù. Ẹni tó mú ìdì òwú kan ṣoṣo lọ́wọ́ kò ní mọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá hun ún tán, tí wọ́n rán ọ̀já aṣọ méjì mọ́ra, tí èèyàn gbé e sínú oòrùn, ni ojú á rí i pé ọ̀kan ṣú ju èkejì lọ. Aṣọ òkè kì í sì í bo irú àṣìṣe yẹn, torí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń rán pọ̀.

Àwọn márùn-ún ti san owó tiwọn lánàá. Ẹni tó ń bá wọn ra òwú ti gbé owó náà lọ sí Ìbàdàn kí ilẹ̀ òní tó mọ́.

Bàbá pè é lórí fóònù. Ẹni náà ní òun ti rà á, òwú ẹni márùn-ún. Ó ku díẹ̀ nínú irú rẹ̀ ní ìsọ̀, àmọ́ kò lè tó gèlè méjìlá. Bàbá ronú díẹ̀, ó wá fi ọ̀rọ̀ lọ obìnrin náà: kó ra èyí tó kù yẹn, kí òun fi hun ara gèlè, kí òun sì fi òwú fàdákà la ilà sí i láàárín kó lè tó. "Má jẹ́ n wá èyí tó fẹ́ jọ ọ́ kún un o," ni Bàbá wí. "Èyí tó fẹ́ jọ ọ́ ló máa bà á jẹ́. Èyí tí kò jọ ọ́ rárá, wọ́n á ní bó o ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

Mo gbà pẹ̀lú Bàbá lórí èyí. Ilà tó hàn gbangba jẹ́ ọnà, àwọ̀ tó fi díẹ̀ yàtọ̀ sí èkejì jẹ́ àbùkù lójú gbogbo ẹni tó bá rí i.

Obìnrin náà ka owó fún un. Bàbá ní iye tí wọ́n á lè rí rà kò tíì dá òun lójú, àfi kí òwú dé kí òun wọ̀n ọ́n kí òun tó lè sọ bóyá ó pé méjìlá tàbí mẹ́wàá.

"Ìgbà wo ni kí n padà wá, Bàbá?"

"Ó di ọrún."

Obìnrin náà na ọwọ́ òsì rẹ̀ síwájú Bàbá, ó di àtàǹpàkò mú. "Òní, Àbámẹ́ta." Ó bọ́ sórí ìka tó tẹ̀ lé e. "Àìkú. Ajé. Ìṣẹ́gun." Ó dé ọmọńdinrín. "Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélógún."

"Ọjọ́rú," ni Bàbá wí, ó sì padà sídìí òfì rẹ̀.