Ọjọ́ 30 kí ewúrẹ́ tuntun tó wọ agbo: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́wọ́ kata

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ sí oko ẹran, ewúrẹ́ tí a rà lọ́jà ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, àti iye ọjọ́ tó yẹ kó fi dá wà kó tó fara kan àwọn tó wà nílé. Láàárín Fìdítì sí Ọ̀yọ́ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ewúrẹ́ 17 ló kú kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi.

Lọ́dún kejì tí mo dé oko náà, ewúrẹ́ 31 ló wà nílé, gbogbo wọn jẹ́ ewúrẹ́ ìbílẹ̀ wa, àwọn kúkúrú tó máa ń bí ìbejì. A ra mẹ́fà sí i lọ́jà, a sì kó wọn sí abà kan tó dá wà lẹ́yìn oko. Ọ̀gá mi ní kí wọ́n lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀. Wọ́n ń jẹun, ara wọn ń dán, kò sí èyí tó wúkọ́. Ní ọjọ́ kejìlá, oníṣòwò kan kó òbúkọ Hausa méjì wá, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí wọ́n máa ń fi ọkọ̀ kó wá láti òkè Ọya. Owó wọn dẹ̀ wá lọ́rùn, a rà wọ́n. Abà kan ṣoṣo la ní, ibẹ̀ náà la kó wọn sí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, mo ṣílẹ̀kùn, mo sì da àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ mọ́ àwọn tilé. Nínú ìwé mi, ọ̀sẹ̀ méjì ti pé. Fún òbúkọ méjì yẹn, ọjọ́ mẹ́ta péré ni.

Ọjọ́ kejì lẹ́yìn rẹ̀ ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú ọ̀kan nínú wọn. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà, mo rò pé eruku ni. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ikun imú rẹ̀ ti nípọn, ẹnu rẹ̀ ń rùn, egbò ti wà lẹ́rìgì rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru sì ti ba ìdí rẹ̀ jẹ́. Àwọn òbúkọ méjèèjì ṣàìsàn, ṣùgbọ́n wọn ò kú. Àwọn tiwa ló kú. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dùbúlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́tàdínlógún sì lọ láàárín ọjọ́ méjìlá. Méjì nínú àwọn tó yè ni oyún bàjẹ́ lára wọn.

Kata ni. Orúkọ tí àwọn ọlọ́jà ń pè é nìyẹn nítorí imú tó ń ṣe é. Àrùn tó mọ́ ewúrẹ́ àti àgùntàn lára ni, kì í ran ènìyàn. Nínú èémí àti ikun imú ló ti ń lọ láti ara ẹran kan sí òmíràn, ó sì máa ń ran ẹlòmíràn kí ẹni tó gbé e tó fi àìsàn hàn rárá. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ojú lásán tó ní ọjà. Ewúrẹ́ tó kó o lánàá yóò jẹ èèpo iṣu níwájú yín lónìí, yóò sì tún jà fún un. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn tí ẹran bá kó o ni yóò farahàn, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìlera ẹranko ka ọjọ́ 21 fún un nínú òfin rẹ̀. Èmi ń lo 30, torí pé kata nìkan kọ́ ni ẹran ń gbé bọ̀ láti ọjà, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹran tó dé kẹ́yìn ló ni ìṣirò. Bí ẹ bá fi ewúrẹ́ kan ṣoṣo kún àwọn tó ti lo ọjọ́ 28, gbogbo wọn ti padà sí ọjọ́ kìíní. Ọ̀gá yín lè má fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹni ìkẹyìn dé sára ilẹ̀kùn abà náà pẹ̀lú ẹfun, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ lè rí i. Bí àyè kò bá sí fún abà kejì, ẹ má rà á. Kò sí ẹ̀dínwó tó tó ewúrẹ́ mẹ́tàdínlógún.

Ní ti ibùdó, kì í ṣe jíjìnnà nìkan ló ṣe pàtàkì. Abà wa jìnnà tó, bí ìṣísẹ̀ ọgọ́ta, ṣùgbọ́n garawa omi kan náà la ń gbé lọ gbé bọ̀. Ẹ jẹ́ kí garawa, ìgbálẹ̀, okùn àti bàtà rọ́bà ti abà náà máa gbé ibẹ̀. Àwọn tilé ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́ láàárọ̀, kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ àwọn tuntun, ẹ má sì padà sínú agbo lọ́jọ́ yẹn láì wẹ ọwọ́ àti láì pààrọ̀ aṣọ. Ohun tí mo sì rí tí kò sí nínú ìwé tí mo kà nílé ẹ̀kọ́ ni ewúrẹ́ àdúgbò. Nílẹ̀ wa, ewúrẹ́ ń rìn kiri. Wọ́n á wá láti abúlé, wọ́n á fi imú kan imú pẹ̀lú àwọn tuntun lára wáyà, wọ́n á sì gba ọ̀dọ̀ àwọn tilé kọjá. Ọgbà méjì ni mo ń ṣe báyìí, ọ̀kan nínú ọ̀kan, ìṣísẹ̀ mẹ́ta sì wà láàárín wọn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, omi ni wọ́n nílò jù. Ẹ fún wọn ní ewé ìyeyè tàbí ewé ọdán àti koríko gbígbẹ, kí ẹ fi èèrí àti àgbàdo sílẹ̀ ná. Ebi ọ̀nà máa ń jẹ́ kí wọ́n jẹ ọkà ní àjẹjù, ikùn wọn á sì kan, òmíràn á kú lóru, ẹ ó wá máa wá àrùn tí kò sí.

Tẹmómítà ni ohun tó yí iṣẹ́ mi padà. Kata máa ń gbóná lára kí omi tó dà lójú, nígbà mìíràn pẹ̀lú odidi ọjọ́ kan. Láàárọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, ara ewúrẹ́ tó dá máa ń wà láàárín 38.5 sí 39.5. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án tàbí lẹ́yìn tí ẹ bá ti lé e kiri kí ẹ tó mú un, ó lè kọjá 40, kò sì túmọ̀ sí nǹkan kan. Ẹ fi òróró díẹ̀ sí tẹmómítà, ẹ fi sí ihò ìdí, kí orí rẹ̀ kan ara ìhà, kì í ṣe àárín ìgbẹ́. Mo ń ṣe é láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta.

Ọdún tó tẹ̀lé ìjàm̀bá yẹn, a ra mẹ́jọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ọ̀kan wà ní 40.8. Ó ṣì ń jẹun, imú rẹ̀ gbẹ, kò sí ẹni tó lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Mo pe dókítà ẹran. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ ti ń domi, àwọn méjì mìíràn sì ti kọjá 40. Kò sí oògùn tó ń pa kata fúnra rẹ̀. Ohun tí dókítà lò ni abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí àrùn ẹ̀dọ̀fóró mìíràn gun orí rẹ̀, omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ìgbẹ́ gbuuru, àti fífọ ojú àti imú wọn. Mẹ́ta kú, márùn-ún yè. A gbé òkú wọn sin sínú ihò jíjìn níbẹ̀, a kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rà wọ́n fún jíjẹ. Nínú agbo nílé, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó wúkọ́. Ìṣirò ọjọ́ 30 wá bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun láti ọjọ́ tí ara ẹni ìkẹyìn ti balẹ̀.

Àwọn tilé ní ààbò kejì lọ́jọ́ yẹn: abẹ́rẹ́ àjẹsára. Èyí tí gbogbo ayé ń lò jù, ara kòkòrò kata tí wọ́n gbà ní Nàìjíríà ní 1975 ni wọ́n ti ṣe é, ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom sì ń ṣe é títí dòní. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo máa ń tó ọdún mẹ́ta. Ààyè ló jẹ́, ooru sì ń pa á: inú yìnyín ni kó wà láti ibi tí ẹ ti rà á, bí wọ́n bá sì ti pò ó tán, wákàtí kan ni kí ẹ fi lò ó. Ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó lọ ra ẹran ni kí ẹ gún àwọn tilé.

Ní ti àwọn tuntun, àwọn dókítà mìíràn ń gún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Èmi ń dúró di ọjọ́ kẹrìnlá. Ẹran tó ti gbé kata dé, abẹ́rẹ́ ò ní gbà á là, yóò kú lọ́jọ́ kẹfà, àwọn ará oko á sì ní abẹ́rẹ́ ló pa á. Mo ti rí oko tó kọ abẹ́rẹ́ sílẹ̀ pátápátá nítorí irú èyí. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kù lẹ́yìn ọjọ́ kẹrìnlá ni ara wọn yóò fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá a jà.

Ìdí tí mo fi ń lo 30 dípò 21 náà wà nínú ọ̀rọ̀ aràn. Ní ọjọ́ kẹta, tí wọ́n bá ti sinmi, mo ń fún wọn ní oògùn aràn ní ìwọ̀n ti ewúrẹ́, tí dókítà bá sọ, nítorí ìwọ̀n tó wà lára ìgò fún àgùntàn kì í sábà tó ewúrẹ́. Orí símẹ́ńtì ni wọ́n ń gbé, mo sì ń gbá ìgbẹ́ wọn kúrò. Ọjọ́ 10 sí 14 lẹ́yìn náà ni a máa gbé ìgbẹ́ lọ yẹ̀ wò. Bí ẹyin aràn bá ṣì pọ̀, aràn tí oògùn yẹn ò ràn ni wọ́n gbé wá, bí ó bá sì já sí pápá yín, yóò bá yín gbé fún ọdún púpọ̀. Oògùn mìíràn, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò, ọjọ́ á ti ń súnmọ́ 30.

Ní ọjọ́ 21, mo máa ń mú òbúkọ kan tí a ti tẹ̀ lọ́dàá nínú àwọn tilé, mo máa kó o sọ́dọ̀ àwọn tuntun. Ó ti gba abẹ́rẹ́ kata, torí náà kata kọ́ ni mo fi ń wò. Ikọ́, egbò ẹnu àti ẹsẹ̀ tó ń jẹrà ni mo ń dúró dè, àwọn ohun tí ẹran ọjà lè gbé láì ṣàìsàn, tí yóò sì mú tilé. Mo ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ àti ètè rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ara rẹ̀ bá ṣì le ní ọjọ́ 30, mo ń ṣílẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti yó, kí ìjà má pọ̀. Bí kò bá sì le, òun náà ò ní padà sílé lọ́jọ́ yẹn.