Ife mélòó ló máa jáde nínú ẹ̀? Ẹ yé wo bí ọ̀rá ẹ̀ ṣe tóbi

Ọjà Sábó n'Ìkòròdú níbí ni mo ti ra ọ̀rá kọfí kan, gíráàmù 250, mo rí i pé ó tóbi ju ike kékeré tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lọ dáadáa, inú mi sì dùn pé mo jẹ èrè. Mo délé, mo bu ṣíbí kan sí kọ́ọ̀pù, mo da omi gbígbóná lé e, mo rò ó títí, kò yòrò. Ó léfòó bí eruku pákó, mo ní kí n mu ún bẹ́ẹ̀, ó kún mi lẹ́nu bíi yanrìn. Ìgbà tí mo da ẹlẹ́ẹ̀kẹta nù ni mo bi ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta tíì àti búrẹ́dì ní Gáréèjì, ló bá bú sẹ́rìn-ín: "Àbúrò mi, kọfí lílọ̀ lo rà o, ìyẹn kì í yòrò, ńṣe ni wọ́n ń sẹ́ ẹ."

Èyí tó ń yòrò, wọ́n ti bá wa sè é, wọ́n ti sẹ́ ẹ, wọ́n wá gbẹ omi ẹ̀ kúrò, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gíráàmù 2, bíi ṣíbí tíì kan, ti tó ife kan. Lílọ̀ yẹn, kóró tí wọ́n yan tí wọ́n lọ̀ lásán ni, ó máa gbà tó gíráàmù 10, ṣíbí ìjẹun méjì. Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀: ike kékeré tó ń yòrò yẹn, gíráàmù 50, ife 25, ọ̀rá ńlá mi gíráàmù 250, ife 25 náà ni!

Tó bá sì jẹ́ lílọ̀ lẹ fẹ́, ẹ má ra máṣíìnì kankan. Ẹ sọ omi kalẹ̀ tó bá hó, ẹ dúró díẹ̀, ẹ dà á lé e, ẹ dé e fún mínítì 4, kẹ́ ẹ wá fi asẹ́ tíì tẹ́ ẹ tẹ́ aṣọ funfun mímọ́ sí sẹ́ ẹ. Ẹ ra èyí tó rí ṣáká-ṣáká bíi gààrí, torí èyí tó kúnná bí èlùbọ́ máa ń gba inú aṣọ kọjá, á sì korò. Tẹ́ ẹ bá ti já a, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì òórùn ẹ̀ ti ń lọ nìyẹn, ẹni tó ń mu ife kan lójúmọ́ ò dẹ̀ ní tíì mu ún tán, nítorí náà ọ̀rá kékeré ni kẹ́ ẹ rà. Èyí tó ń yòrò náà, ẹ má fi ṣíbí tómi wà lára ẹ̀ bù ú, á dì gbagidi.

Sáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti po mílíìkì àti ṣúgà mọ́ yẹn, ṣúgà lẹ fẹ́ ra jù níbẹ̀, kọfí inú ẹ̀ ò tó nǹkan.

Tíì eléwé ló yà mí lẹ́nu jù. Gíráàmù 2 sí ife kan, mínítì 3, ewé yẹn kan náà lẹ máa tún da omi lé lẹ́ẹ̀kejì, kó kàn pẹ́ díẹ̀ sí i. Gíráàmù 100 á fún yín ní ife 50, kí n tó ka ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, asẹ́ nìkan lẹ nílò. Tówó ò bá pọ̀, ibẹ̀ ni mo máa ní kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi ní tèmi, èyí tó ń yòrò ni mò ń mu láàárọ̀ kí n tó sáré bá bọ́ọ̀sì Kétu, ti lílọ̀ di ọjọ́ Sátidé.