Ojú Ọ̀tún, Ara Òsì: Òpó Ẹ̀jẹ̀ Wo Ló Dí?

Ìbéèrè rọpárọsẹ̀ kan ni mo jókòó tì lónìí, torí irú rẹ̀ wọ́pọ̀ nínú ìdánwò, ó sì máa ń rú ọ̀pọ̀ lójú. Òòyì ṣàdédé gbé ọkùnrin ẹni ọdún 58 kan tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ń bì, ohùn rẹ̀ há, omi kò sì ṣeé gbé mì fún un. Bó bá dìde, ọ̀tún ló ń wó sí. Ìpéǹpéjú ọ̀tún rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ọmọlójú ibẹ̀ sì kéré ju ti òsì lọ. Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gún un, kò dùn ún ní ojú ọ̀tún, kò sì dùn ún ní apá àti ẹsẹ̀ òsì. Síbẹ̀, agbára apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ pé.

Ojú àti ara ni mo máa ń kọ́kọ́ fi wéra, kí n tó wo àwọn ìdáhùn tí wọ́n tò sílẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ kan náà ló mú ojú àti apá, òkè nínú ọpọlọ ńlá ni a sábà máa ń wá a sí. Bó bá mú ojú níhìn-ín tó mú ara lọ́hùn-ún, ìdí ọpọlọ ni, ẹ̀gbẹ́ tí ojú ti kú ni ọgbẹ́ náà sì wà. Inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni okùn tó ń gbé ìrora apá àti ẹsẹ̀ ti ń sọdá sí òdìkejì, kó tó gòkè dé mẹ̀dọ́là, ìsàlẹ̀ ìdí ọpọlọ. Ti ojú ń sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ná, kò tíì sọdá. Àwọn méjèèjì wá sún mọ́ra níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọgbẹ́ kékeré kan lè gé wọn pọ̀.

Ohùn tó há àti omi tí kò ṣeé gbé mì ló fi mẹ̀dọ́là hàn. Agbára tó pé sì fi hàn pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, torí iwájú nítòsí àárín ni okùn agbára ń gbà. Páíkà ọ̀tún, òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ẹ̀gbẹ́ mẹ̀dọ́là, ni ìdáhùn. Ohun tí oníṣègùn ará Jámánì, Adolf Wallenberg, ṣàpèjúwe ní 1895 nìyẹn.

Áíkà, òpó ẹ̀jẹ̀ mìíràn tó wà lókè Páíkà, ni wọ́n fi ń dẹ pańpẹ́. Òun náà ń fa òòyì, ó sì lè pa ojú níhìn-ín kó pa ara lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ máa ń di etí lójijì, torí ara rẹ̀ ni òpó tó ń bọ́ inú etí sábà ti ń yọ. Ó tún máa ń mú kí ìdajì ojú rọ, títí dé iwájú orí. Bí ìbéèrè bá dárúkọ ohùn àti ọ̀nà ọ̀fun, tí kò sọ ti etí, ẹ fi Áíkà sílẹ̀.

Lára aláìsàn gidi, fátíbúrà, òpó ẹ̀jẹ̀ tó gba ọrùn gòkè tí Páíkà ti yọ, ló máa ń dí jù. Bí wọ́n bá ní ọ̀dọ́ ni, tí ọrùn ń ro ó lẹ́yìn tó yí i sódì, fátíbúrà tó ya nínú ni kí ẹ mú. Ẹ má sì jẹ́ kí «fọ́tò orí kò fi nǹkan kan hàn» yí yín lọ́kàn padà: egungun tó yí ibẹ̀ ká ń ba àwòrán sítíì jẹ́, ọgbẹ́ tuntun tó kéré bẹ́ẹ̀ sì lè sá pamọ́ fún ẹ̀mááráì pàápàá ní ọjọ́ àkọ́kọ́.