Òkúta tí Mo Kùn bí Ògiri Alámọ̀

Láàárọ̀ òní ni mo jókòó láti pa ojú òkúta dà nínú géèmù Minecraft, nítorí ó ti pẹ́ tí ó ti ń wù mí kí ilé tí mò ń kọ́ síbẹ̀ ní àwọ̀ ògiri alámọ̀ pupa ti ilé ìyá mi àgbà. Fáìlì kékeré kan tí ń jẹ́ stone.png ni àwòrán òkúta náà, tó ní ẹyọ àwọ̀ 16 ní ìbú àti 16 ní òró, òun sì ni géèmù ń lẹ̀ mọ́ ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan. Mo kun tèmi ní pupa rúsúrúsú, mo fi ìlà koríko gbígbẹ díẹ̀díẹ̀ sí i, mo sì tọ́jú rẹ̀ sínú assets/minecraft/textures/block/. Ó wá ku pack.mcmeta, fáìlì tó ń júwe àpò àwòrán náà fún géèmù, èyí tí nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ 15 fún ẹ̀dà 1.20.1 tí mò ń lò:

```
{"pack": {"pack_format": 15,
 "description": "Ogiri alamo"}}
```

Nígbà àkọ́kọ́, àpò àwòrán náà kò tilẹ̀ yọjú nínú àtòjọ Resource Packs ti géèmù. Mo ti di í pọ̀ mọ́ fódà mìíràn tí ó bò ó, bẹ́ẹ̀ pack.mcmeta gan-an ló yẹ kí a kọ́kọ́ bá bí a bá ṣí zip náà. Mo tún un dì, ó sì yọ.

Ògiri mi pọ́n dẹ̀dẹ̀, inú mi sì dùn gidigidi. Mo fi ọwọ́ lásán gbẹ́ búlọ́ọ̀kù kan wò, bóyá ó ti rọ̀ bí amọ̀ tí ó jọ, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá 7.5 náà ló gbà mí, ìró òkúta ló sì ń dún.

Inú ihò ìwakùsà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àwòrán irin, iron_ore.png, kì í ṣe àmì irin tí a lẹ̀ mọ́ òkúta. Odindi àwòrán ni, a ti kun òkúta eérú tirẹ̀ sí i pẹ̀lú. Nítorí náà, nígbà tí gbogbo ògiri ihò di pupa, irin àti èédú dúró gedegbe bí àlẹ̀mọ́ eérú, mo sì ń rí wọn láti ọ̀nà jíjìn tí n kì bá ti rí wọn rárá. Òfin eré kò yí padà, àmọ́ ojú mi ti gba ìrànlọ́wọ́ tí mi ò fẹ́. Mẹ́jọ ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tó wà lára òkúta, mo sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irin: mo gé ẹyọ àwọ̀ irin nìkan, mo gbé e lé orí amọ̀ mi, mo sì tẹ F3+T kí géèmù tún àwòrán kà láìjẹ́ pé mo jáde. Mo padà sí ògiri tí mo ti wò tẹ́lẹ̀, ó sì di dandan kí n gbé iná sún mọ́ ọn kí n tó rí irin náà.