Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi, àti oògùn méjì tí mo pè ní ọ̀kan

Aago méjì òru kọjá díẹ̀ nígbà tí mo jí, ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú ló fẹ́ mọ́. A ti lọ ṣe ìnáwó ní Bàrígà ní Sátidé yẹn. Mo jẹ ṣàkì àti ẹ̀dọ̀ dáadáa, mo mu bíà mẹ́rin, mo jó títí, mo sì sùn láì mu omi. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ló jí mi. Ó pọ́n, ó wú, ó ń dán bí ata rodo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Etí aṣọ ìbora kàn án báyìí, mo ké. Ìyàwó mi fẹ́ fọwọ́ kàn án wò bóyá ó gbóná, mo ní bó bá fẹ́ràn mi, kó wò ó látòkèèrè.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, ìdúró la sì ń ṣe é. Nígbà tí mi ò lè wọ bàtà ní ọjọ́ Ajé, Alhaji tó ni ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tèmi wá kí mi nílé. Ó wo ẹsẹ̀ náà, ó mi orí. "Bàbá Tómi, ẹ ti tẹ nǹkan. Àìsàn wo ló ń mú èèyàn lóru ọjọ́ kan ṣoṣo báyìí?" Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Èmi àti ẹnì kan ń jà lórí owó ṣọ́ọ̀bù nígbà yẹn, orúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Wọ́n bá mi wá àgbo, mo mu ún, mo fi pa ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹsẹ̀ ti rọ̀, mo wọ bàtà lọ sí iṣẹ́. Mo ní àgbo náà mà lágbára o.

Ó tó ọdún méjì kí n tó mọ̀ pé gáòtù ni orúkọ àìsàn yìí, àti pé bí èèyàn kò tiẹ̀ fi nǹkan kan kàn án, ó máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ohunkóhun tí ẹ bá lò lọ́sẹ̀ yẹn, àgbo ni o, àdúrà ni o, abẹ́rẹ́ kẹ́míìsì ni o, òun lẹ máa yìn. Ìdí nìyẹn tí oògùn gáòtù fi pọ̀ ní ìlú Èkó tó báyìí.

Láàrin ọdún méjì yẹn, ó dìde sí mi nígbà márùn-ún tàbí mẹ́fà: àtàǹpàkò kan náà, lẹ́yìn náà kókósẹ̀, lẹ́yìn náà orúnkún. Dikilofenákì ni mo máa ń rà ní kẹ́míìsì, nígbà míì wọ́n á gún mi ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ o, ìrora á lọ. Àmọ́ àlàfo tó wà láàrin ìdìde kan sí èkejì ń kúrú sí i. Nígbà kan tí orúnkún wú, mo sáré lọ sí ilé àyẹ̀wò kan, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ láti fi wọn yúríìkì ásíìdì, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fa gáòtù bó bá pọ̀ jù, tèmi jẹ́ 6.4. Wọ́n ní kò kọjá ààlà, pé kì í ṣe gáòtù, pé kí n lọ wá oògùn làkúrègbé.

Dókítà obìnrin kan ní ilé ìwòsàn ìjọba ló là mí lójú. Ọmọdé ni lójú mi, àmọ́ ó mọ iṣẹ́. Ó ní lásìkò tí àìsàn náà bá ń jó lọ́wọ́, yúríìkì ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀ lè rẹlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà iye tí wọ́n bá rí lọ́jọ́ yẹn kò lè sọ pé kì í ṣe gáòtù. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí gbogbo rẹ̀ bá ti rọlẹ̀. Mo padà: 9.2. Wọ́n tún rí i pé dikilofenákì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kíndìnrín mi lẹ́nu díẹ̀. Ó ní kí n jáwọ́ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ Alhaji: báwo ni nǹkan ṣe lè mú èèyàn lóru kan? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe òru kan. Ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe yúríìkì ásíìdì, nígbà tó bá ń fọ́ ohun tó ń jẹ́ piyúríìnì, èyí tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì wa tó ń gbó àti nínú ẹran tí à ń jẹ. Kíndìnrín ló ń tọ èyí tó pọ̀ jù jáde. Ọ̀pọ̀ àwa tó ní gáòtù, ọ̀fun kọ́ ló jẹ̀bi jù, kíndìnrín wa ni kì í tú u jáde tó.

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi nìyí. Ẹ da ṣúgà sí gàrí tí ẹ fi omi gbígbóná rẹ, ó yọ́. Ẹ da iye kan náà sí ti omi yìnyín, ẹ ó rí i tó jókòó sí ìsàlẹ̀ abọ́. Yúríìkì ásíìdì náà nìyẹn. Bó bá ti kọjá nǹkan bí 6.8, ẹ̀jẹ̀ kò lè yọ́ ọ tán mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í di kírísítálì wẹ́wẹ́ tó ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Ibi tó tutù jù lára ló sì fẹ́ràn láti jókòó sí, ẹsẹ̀ sì tutù ju ikùn lọ. Lóru, ẹsẹ̀ tún máa ń tutù sí i, omi ara sì máa ń dín kù, pàápàá fún ẹni tó mu bíà sùn.

Àmọ́ kírísítálì yìí lè wà nínú oríkèé fún ọ̀pọ̀ ọdún láì sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí díẹ̀ nínú rẹ̀ bá já sínú omi oríkèé ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ibẹ̀ á gbé e mì bíi pé kòkòrò àìsàn ni. Wọn ò lè dà á. Abẹ́rẹ́ ló há wọn lọ́fun, wọ́n á figbe ta, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì funfun á sáré wá láti inú ẹ̀jẹ̀, àwọn náà á gbé abẹ́rẹ́ mì. Láàrin wákàtí méjìlá sí mẹ́rìnlélógún, ó ti dé góńgó. Ìgbe yẹn lẹ̀ ń rí níta tó pọ́n tó sì gbóná.

Ibi tí mo ti ṣìnà jù ni mò ń bọ̀ yìí. Oògùn méjì ni dókítà kọ fún mi, mo sì rò pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Kọ́líṣisíìnì ń dí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun yẹn lọ́wọ́, ó ń pa ìjà. Kò mú ẹyọ kírísítálì kan kúrò. Bó bá dìde, ó ní kí n lo hóró méjì tó jẹ́ ìdajì mílígíráàmù lójú ẹsẹ̀, kí n lo ọ̀kan lẹ́yìn wákàtí kan, kí n sì dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá ń lò ó títí tó fi ń yàgbẹ́ gbuuru, ó ti kọjá ààyè, ó sì léwu. Kí n sì tètè lò ó, torí tó bá ti di ọjọ́ kejì, agbára rẹ̀ ti dín kù. Fún ẹlòmíràn, predinisolóònù ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n ń fún un. Alopurinọ́ọ̀lù ni èkejì. Òun ń dín yúríìkì ásíìdì tí ara ń ṣe kù, kò sì mọ nǹkan kan nípa ìrora. Bí iye inú ẹ̀jẹ̀ bá ti wà lábẹ́ 6, kírísítálì tó ti wà nílẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ padà, díẹ̀díẹ̀, oṣù lórí oṣù.

Dókítà bẹ̀rẹ̀ mi ní alopurinọ́ọ̀lù 100 mílígíráàmù lójúmọ́, pẹ̀lú kọ́líṣisíìnì hóró kan lójúmọ́ fún oṣù mẹ́fà. Mo lo alopurinọ́ọ̀lù. Kọ́líṣisíìnì tán ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó wọ́n, mi ò sì ní ìrora, mo ní kí ni mo tún ń rà á fún? Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, kókósẹ̀ mi dìde ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo fìbínú da alopurinọ́ọ̀lù nù. Mo ní oògùn tí wọ́n ní kó wò mí ló ń dá mi lóró.

Òótọ́ wà nínú rẹ̀ díẹ̀. Bí kírísítálì bá ń yọ́, ó máa ń tú, èyí tó bá já bọ́ á tún dá ìjà sílẹ̀. Ìdí gan-an tó fi so kọ́líṣisíìnì mọ́ ọn nìyẹn. Ìdìde ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ń sọ pé ibi tó dì ti ń ṣí, àmọ́ èmi tì í padà. Oṣù méjì lẹ́yìn náà mo wà ní 8.9. Dókítà ò bínú, ó kàn ní: "Dádì, bó bá dìde nígbà tí ẹ ti ń lo alopurinọ́ọ̀lù, ẹ má dá a dúró. Ẹ tọ́jú ìrora, ẹ máa lo òun lọ." Ohun kan ṣoṣo tó ní kí n torí ẹ̀ dá a dúró lójú ẹsẹ̀ kí n sì sáré wá ni tí ara mi bá sú, pàápàá pẹ̀lú ibà tàbí egbò ẹnu. Ìyẹn kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré.

A tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń fi 100 kún un lóṣooṣù, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: 100 mú un wá sí 7.7, 200 sí 6.5, 300 sí 5.4. A dúró níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé 6.5 kò tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé àyẹ̀wò kò fi yíńkì pupa sí i. (Bí ilé àyẹ̀wò yín bá ń kọ iye tó tóbi, 360 ni 6 tèmi.) Ó dìde fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kẹta, láti ìgbà náà kò tún dìde mọ́. Dókítà tún yí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi padà, torí èyí tí mò ń lò tẹ́lẹ̀, tó ń mú mi tọ̀ léraléra, ń dá yúríìkì ásíìdì dúró sára.

Oúnjẹ? Mo dín bíà, ẹran inú àti mínírà kù. Ó ṣèrànwọ́, àmọ́ oúnjẹ nìkan kò lè gbé 9.2 wá sí 5.4. Ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín tí gbogbo èèyàn ní kí n sá fún, mo ń jẹ ẹ́. Piyúríìnì inú ẹ̀wà kì í ṣe bíi ti ẹ̀dọ̀.

Oṣù tó kọjá, Alhaji tiro wọ ṣọ́ọ̀bù mi, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́. Àtàǹpàkò òsì. Ó ní kí n bùn òun nínú oògùn tó wo èmi sàn, ó nawọ́ sí sáṣẹ́ẹ̀tì alopurinọ́ọ̀lù lórí tábìlì. Mo fà á sẹ́yìn. Mo ní ìyẹn kì í pa ìrora, kó jẹ́ ká lọ rí dókítà, pàápàá tó ti ń gbọ̀n díẹ̀, torí oríkèé tí kòkòrò wọ̀ náà máa ń pọ́n báyìí, tí ìyẹn bá sì pẹ́, ó ń ba oríkèé jẹ́. Mo rán ọmọ iṣẹ́ lọ ra yìnyín, a fi aṣọ wé e, a gbé ẹsẹ̀ Alhaji lé páálí bébà. Ó tú ìmí síta. Lẹ́yìn náà ló wò mí lójú, ó bi mí pé láàrin gbogbo àwọn tó wà ní làínì wa yìí, ta ni mo rò pé ó fi nǹkan náà síbẹ̀.